Èwo Nínú Wọn Ló Máa Gbé Mi Dé Ọ̀dọ̀ Màámi?

Oníjígí ni wọ́n ń pè é níbi iṣẹ́, torí òun ló ń lọ gíláàsì awò ojú kó tó wọnú férémù. Lójoojúmọ́, tí wọ́n bá ti dáwọ́ dúró lọ́sàn-án, á gbé abọ́, á fẹsẹ̀ rìn lọ sílé ìyá ẹ̀ tó ń pè ní màámi, á fún un lóúnjẹ, á kán oògùn sí i lójú, á sì sáré padà. Wákàtí kan péré ni ìsinmi ọ̀hún, ìrìn nìkan sì ti fẹ́ẹ̀ jẹ ẹ́ tán. Ọ̀gá ẹ̀ ti sọ ọ́ láìpariwo: tó bá tún pẹ́ lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ yìí, kò sí ìjáde ọ̀sán mọ́. Ẹ̀gbọ́n ẹ̀ ọkùnrin, tílé ẹ̀ jìnnà rébété, ti ní tó bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n kó ẹrù màámi wá sọ́dọ̀ òun. Màámi ò fẹ́ lọ. Oníjígí náà ò fẹ́.

Sípánà, àbúrò ọkọ ẹ̀ tó ń tún alùpùpù àti nǹkan oníbátìrì ṣe, ní kó fọkàn balẹ̀.

"Ìyàwó mi, wá gun àwọn ohun ìrìnnà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù mi wò. Èyí tó bá gbé ẹ dé, òun la mú."

Sikúútà oníná ló fi bẹ̀rẹ̀, èyí tí èèyàn ń dúró lórí ẹ̀. Níbi tí títì ti dán, ó ń yọ́ lọ wẹ́rẹ́, kò dún pínkín. Àmọ́ nígbà tó dé ibi olókùúta, háà! Táyà kékeré yẹn gbọ̀n ọ́n débi pé eyín ẹ̀ ń lura wọn, àpò oúnjẹ tó gbé kọ́ ọwọ́ ẹ̀ sì ń fà á sápá kan. Nígbà tó ń gun òkè, ńṣe ló ń wọ́. Kò sì ṣeé fi sílẹ̀ níta, torí olè á kàn ká a, á gbé e sábẹ́ apá ni. Ló bá gbé e gun àtẹ̀gùn ilé màámi, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Ó kanlẹ̀kùn, ó dúró. Ó pẹ́ kó tó padà síbi iṣẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, kẹ̀kẹ́ oníná ló gùn. Táyà ńlá ni tiẹ̀, òkúta ò rí i gbé ṣe, oúnjẹ sì jókòó pẹ̀sẹ̀ nínú apẹ̀rẹ̀ iwájú. Bó ṣe ń wa pẹ́dà lórí òkè, bẹ́ẹ̀ ni mọ́tò kékeré inú ẹ̀ ń ràn án lọ́wọ́. Ó fi ṣéènì so ó mọ́ irin ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ó yọ bátìrì ẹ̀ dání gòkè. Ó kanlẹ̀kùn, ó dúró. Ó tún pẹ́, bó tilẹ̀ jẹ́ díẹ̀.

Ó wá ku alùpùpù kékeré. Oníjígí ò ní ìwé àṣẹ ẹ̀, ni Sípánà bá gbé e sẹ́yìn fúnra ẹ̀, àwọn méjèèjì dé akoto. Wọ́n dé, ilẹ̀kùn ti ṣí sílẹ̀ gbayawu. Oníjígí padà síbi iṣẹ́ kí àsìkò tó pé.

"Ó parí!" ni Sípánà wí. "Alùpùpù la mú."

"Ta ló máa máa gbé mi, ọkọ mi? Ṣé ọ̀gá máa dúró kí n kọ́ ọ, kí n tún gbàwé ni?" Omi ti ń lé sí i lójú.

Sípánà họrí. "Ọ̀rọ̀ yìí ò wọ̀ mí létí. Ọ̀nà kúkúrú lèyí, iná ojú títì tó ń dá kẹ̀kẹ́ dúró, òun náà ló dá alùpùpù dúró. Kẹ̀kẹ́ yẹn ò yẹ kó fi bẹ́ẹ̀ pẹ́. Ibo lò ń dúró sí?"

"Mi ò dúró níbì kankan. Àfi ẹnu ọ̀nà màámi." Ẹnu ya òun alára. "Lónìí, a ò dúró níbẹ̀ rárá!"

Nírọ̀lẹ́, wọ́n bi màámi. Ìyá bú sẹ́rìn-ín.

"Ariwo tiyín yẹn, ta ni ò ní gbọ́ ọ? Láti ìsàlẹ̀ òkè ni mo ti gbọ́, mo bá dìde. Àwọn tàná àti tìjẹta, wọ́n ń wá bí ẹni ń jalè. Ó dìgbà tẹ́ ẹ bá kanlẹ̀kùn kí n tó bẹ̀rẹ̀ sí í di ògiri mú bọ̀."

"Màámi, ẹ má fi irin há ilẹ̀kùn mọ́," ni Oníjígí wí. "Ẹ jẹ́ kí n máa fi kọ́kọ́rọ́ ṣí i wọlé."

Ẹ̀rín kúrò lójú ìyá.

"Oúnjẹ, ìwọ lò ń sè é. Oògùn, ìwọ lò ń kán an. Ilẹ̀kùn yìí nìkan ló kù tí mò ń ṣe fún ẹ. Tó o bá tún gba ìyẹn lọ́wọ́ mi, kí ni mo wá ń ṣe nínú ilé yìí?"

Sípánà sọ̀ kalẹ̀ lọ sídìí kẹ̀kẹ́ oníná tí Oníjígí gùn wá, ó sì de agogo oníbátìrì ńlá kan mọ́ ọwọ́ ẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, ní ìsàlẹ̀ òkè, Oníjígí fọwọ́ lé agogo, kò sì gbé e kúrò. Àwọn èèyàn ń wò ó bíi wèrè. Ó so kẹ̀kẹ́, ó yọ bátìrì, ó ń gun àtẹ̀gùn lọ́wọ́ nígbà tó gbọ́ tí ẹsẹ̀ màámi ń wọ́lẹ̀ bọ̀ nínú ilé.

Àsìkò ń lọ o. Síbẹ̀, ó dúró lórí àtẹ̀gùn títí irin ilẹ̀kùn fi dún, kó má baà ṣáájú ìyá ẹ̀ débẹ̀.