Okùn Tó Já Lára Ọkọ̀ Ìrẹsì

Ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ ni bàbá Àbdùlsàmàd, aṣọ ló sì ń tà ní ọjà Treichville ní ìlú Abidjan títí ó fi kú. Gbogbo ẹbí ló rò pé ọmọ náà yóò jókòó ti ìsọ̀ bàbá rẹ̀, ṣùgbọ́n omi ló wù ú. Ó lọ di lamaneur, bí wọ́n ṣe ń pe àwọn tó ń gba okùn ọkọ̀ òkun ní èbúté Abidjan tí wọ́n sì ń fi í kọ́ òpó irin. Nígbà tó fẹ́ Lùbàbà, Rachid àbúrò ìyàwó rẹ̀ wá bá a nílé lọ́jọ́ kan.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ mú mi lọ síbi iṣẹ́ yín. Aṣọ tí mò ń tà yìí ò lè bá mi kalẹ́."

Àdìzátù, ìyá Lùbàbà àti Rachid, tó ń gbé ní àdúgbò Niangon, kò fẹ́. Rachid nìkan ni ọmọkùnrin tó bí. Àbdùlsàmàd lọ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, ó ní, "Màmá, ojú mi ò ní kúrò lára rẹ̀." Ìyá náà ní, "Ó dáa, mo fi í lé ọ lọ́wọ́."

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí Àbdùlsàmàd kọ́ ọ kì í ṣe bí a ṣe ń ta kókó. Ó mú un dúró lẹ́bàá ọkọ̀ kan, ó sì nawọ́ sí àwọn okùn rẹ̀.

"Àwọn ti iwájú àti ti ẹ̀yìn, wọ́n ń fa orí àti ìdí ọkọ̀. Àwọn tó wá tààrà láti ẹ̀gbẹ́, wọ́n ń fà á mọ́ èbúté. Àwọn tó dùbúlẹ̀ gba ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ lọ yìí, garde là ń pè wọ́n. Èyí tó ti iwájú wá ń lọ sẹ́yìn, èyí tó ti ẹ̀yìn wá ń lọ síwájú. Àwọn ni kì í jẹ́ kí ọkọ̀ rìn síwá sẹ́yìn. O ti rí gbogbo wọn?"

"Mo ti rí wọn."

"Wàyí o, omi kì í dúró lójú kan. Òkun máa ń kún, a sì máa fà, ọ̀sà yìí náà sì máa ń bá a lọ díẹ̀díẹ̀. Bí ọkọ̀ bá sì ń já ẹrù, á máa fúyẹ́, á máa ga sókè. Bí o bá so ó pinpin láìfi àyè sílẹ̀ fún un, òun fúnra rẹ̀ ló máa fa okùn já. Okùn kúkúrú ló sì máa ń kọ́kọ́ le. Okùn gígùn ní sùúrù."

Rachid rẹ́rìn-ín. "Okùn ní sùúrù, ẹ̀gbọ́n?"

"Má rẹ́rìn-ín. Náílọ́ọ̀nù ni. Ó ń na bíi rọ́bà, gbogbo agbára tí ọkọ̀ fi fà á ló ń kó pamọ́ sínú. Lọ́jọ́ tó bá já, á dá gbogbo rẹ̀ padà lẹ́ẹ̀kan náà, ojú ò sì ní rí i. Nítorí náà, bí okùn bá ti le, wo ọ̀nà tó gbà, láti ọkọ̀ dé òpó, àti ẹ̀yìn òpó. Bó bá já, ibẹ̀ ló máa gbà fò padà. Má dúró níbẹ̀. Má kọjá níbẹ̀."

Rachid kọ́ iṣẹ́ náà dáadáa. Ọ̀pọ̀ ọdún ni wọ́n fi jọ ṣe é. Ó mọ àwọn ọ̀gá ọkọ̀ ní orúkọ, ó mọ àwọn tó ń ru ẹrù, ó sì máa ń fi Nouchi, èdè ìgboro Abidjan, bá wọn ṣeré títí wọ́n á fi rẹ́rìn-ín ṣubú sórí àpò. Mubeenah, ọmọ Àbdùlsàmàd, kì í jẹun lọ́jọ́ Sunday àyàfi tí Tonton Rachid, bó ṣe ń pe àbúrò ìyá rẹ̀, bá dé.

Lọ́jọ́ tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ọkọ̀ ìrẹsì kan ti wà ní èbúté láti ọjọ́ mélòó kan. Ibẹ̀ kún lọ́jọ́ tó wọlé. Òpó tó yẹ kí wọ́n fi garde iwájú rẹ̀ kọ́ ti kún fún okùn ọkọ̀ ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí náà èyí tó sún mọ́ ọn ni wọ́n lò. Okùn náà wá kúrú ju bó ṣe yẹ lọ. Àbdùlsàmàd sọ ọ́ fún ọ̀gá tó wà lórí ọkọ̀ lọ́jọ́ náà, ìyẹn sì ní àwọn á máa mójú tó o, àwọn á máa tú u díẹ̀díẹ̀ bí ọkọ̀ bá ṣe ń fúyẹ́. Iṣẹ́ àwọn ará ọkọ̀ nìyẹn lóòótọ́. Ọwọ́ wọn ni ẹ̀rọ tó ń ká okùn tó sì ń tú u wà.

Ọkọ̀ ẹ̀yìn ló fẹ́ lọ ní ọ̀sán ọjọ́ náà, òun sì ni Àbdùlsàmàd àti Rachid wá tú. Bí wọ́n ṣe ń rìn bọ̀, Àbdùlsàmàd gbójú sókè wo ọkọ̀ ìrẹsì, ó sì dúró. Wọ́n ti já èyí tó pọ̀ nínú ẹrù rẹ̀. Ara ọkọ̀ tó máa ń wà nínú omi ti yọ síta, ó pupa fòò. Omi ọ̀sà náà sì ń kún. Garde iwájú ti tínrín, ó le gan-gan bí ọ̀pá irin. Níbi tó gba ihò ara ọkọ̀ jáde, ó ti ń hù bí irun àgbàdo.

"Rachid, ẹ̀yìn!" ló ké.

Àwọn méjèèjì sá sẹ́gbẹ̀ẹ́, kúrò ní ọ̀nà okùn. Àbdùlsàmàd fa rédíò ọwọ́ rẹ̀ yọ, ó pe ọkọ̀ náà.

"Ẹ tú garde iwájú! Ẹ tú u kíákíá!"

Ohùn kan dá a lóhùn pé òun ti gbọ́, pé òun máa rán ẹnìkan lọ sídìí ẹ̀rọ. Kò sí nǹkan tí ẹni tó wà nílẹ̀ lè ṣe ju kó dúró lọ. Okùn tó bá ti le báyẹn, ènìyàn kan kò lè yọ ọ́ lára òpó, ẹni tó bá sún mọ́ ọn ń pe ikú ni.

Ìgbà náà ni Rachid rí wọn. Lẹ́yìn òpó náà, níbi òjìji àwọn àpò ìrẹsì, àwọn aláàárù mẹ́ta jókòó, wọ́n ń jẹ attiéké, oúnjẹ ẹ̀gẹ́. Carelle, ọmọbìnrin tó ń ka àpò fún àwọn tó ni ẹrù, jókòó pẹ̀lú wọn. Ojú ọ̀nà okùn gan-an ni wọ́n wà.

Àbdùlsàmàd pariwo sí wọn, ó ń juwọ́. Ẹ̀rọ tó ń gbé ẹrù ń dún, wọn kò gbọ́. Ọkọ̀ ńlá kan sì ń kọjá lọ ní àárín omi. Ó mọ ohun tí ìyẹn máa ṣe. Omi tí ọkọ̀ ńlá bá ń tì tó sì ń fà yóò mú ọkọ̀ ìrẹsì rìn níbi tí wọ́n so ó sí.

"Dúró!" ló sọ fún Rachid.

"Wọn ò gbọ́, ẹ̀gbọ́n."

Ó sì sáré lọ.

Ó fa Carelle dìde ní apá, ó fi ẹsẹ̀ gbá abọ́ oúnjẹ wọn, ó ń pariwo pé kí wọ́n kúrò níbẹ̀, "Dégagez! Dégagez!" Àwọn aláàárù náà dìde, wọ́n bínú, wọ́n rí ojú rẹ̀, wọ́n sá. Rachid ti Carelle síwájú kí òun tó tẹ̀lé wọn. Ọkọ̀ ìrẹsì sún díẹ̀, kò jù bí ìgbà tí àgbàlagbà bá yí padà lórí ibùsùn lọ. Okùn já lára ọkọ̀.

Àbdùlsàmàd kò rí okùn náà nígbà tó ń bọ̀. Ìró rẹ̀ nìkan ló gbọ́, bí ìbọn. Nígbà tó máa wòye, Rachid ti wà nílẹ̀, ó jìnnà sí ibi tó dúró sí tẹ́lẹ̀. Okùn náà ti bà á ní àyà. Àbdùlsàmàd sáré dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ó gbé orí rẹ̀ lé itan. Ẹnu Rachid ń mì, kò sí ohùn. Àbdùlsàmàd bẹ̀rẹ̀ sí í ka kálímà sí i létí, ó ń kà á léraléra, títí ọkọ̀ àwọn pompiers, ìyẹn àwọn panápaná, fi dé, títí ọ̀kan nínú wọn fi rọra dì í lọ́wọ́ mú tó ní ó ti parí, "C'est fini, tonton."

Lórí ọkọ̀, ẹni tí wọ́n rán lọ sídìí ẹ̀rọ ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ibẹ̀. Ó dúró, ó ń wo ilẹ̀.

Àbdùlsàmàd ló lọ sọ ọ́ nílé. Lùbàbà ń di irun Mubeenah lọ́wọ́. Ó wo aṣọ iṣẹ́ rẹ̀, ó rí ẹ̀jẹ̀, ó ní, "Bàbá Mubeenah, kí ló ṣe yín?"

"Kì í ṣe èmi."

Ìyàrun bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀.

Nígbà tó ti sunkún títí tí ohùn rẹ̀ há, ó béèrè pé, "Ẹ̀yin ńkọ́? Níbo lẹ wà?"

Àbdùlsàmàd lè purọ́ fún un. Kò purọ́. "Mo wà lẹ́gbẹ̀ẹ́, níbi tí okùn kò lè dé."

"Ẹ mọ ibi tí kò lè dé."

"Mo mọ̀ ọ́n."

"Òun náà mọ̀ ọ́n. Ẹ̀yin lẹ kọ́ ọ."

"Èmi ni."

Lùbàbà kò bú u. Ì bá sàn fún un ká ní ó bú u. Lẹ́yìn ìsìnkú, ó mú Mubeenah, ó lọ bá ìyá rẹ̀ ní Niangon. Àbdùlsàmàd ń sùn nìkan ní Treichville, inú ilé dákẹ́ débi tó fi ń gbọ́ fìríìjì. Lójoojúmọ́ ló ń rò ó pé bí òun bá sáré lọ dípò Rachid ńkọ́, ó sì mọ̀ pé ẹsẹ̀ òun kò gbéra. Kì í ṣe pé ó pinnu láti dúró. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣe ohun tí iṣẹ́ ti kọ́ ọ.

Lọ́jọ́ fìdáù Rachid ní Niangon, Àbdùlsàmàd jókòó sẹ́yìn láàárín àwọn ọkùnrin. Bí àdúrà ṣe parí, Carelle wọlé pẹ̀lú àwọn aláàárù mẹ́ta náà, wọ́n gbé àpò ìrẹsì kan, wọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà. Nígbà tí wọ́n sọ fún Àdìzátù ẹni tí wọ́n jẹ́, ìyá àgbà náà dìde. Ó wo wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fi ọwọ́ méjèèjì di ẹ̀rẹ̀kẹ́ Carelle mú, ó wò ó pẹ́ títí bí ẹni tó ń wá nǹkan níbẹ̀. Ó tú u sílẹ̀, ó wọ yàrá lọ, ó sì ti ilẹ̀kùn. Gbogbo àwọn tó wà níbẹ̀ gbọ́ ẹkún rẹ̀.

Àbdùlsàmàd lọ jókòó sílẹ̀ lẹ́nu ilẹ̀kùn náà. "Màmá," ló ní, "ẹ fi í lé mi lọ́wọ́."

Ìyá náà dáhùn láti inú yàrá. "Ọlọ́run ni mo fi í lé lọ́wọ́. Mo kàn gba ọwọ́ rẹ kọjá ni. Mú ìyàwó rẹ lọ sílé."

Lùbàbà kò tẹ̀lé e lọ lọ́jọ́ náà, bẹ́ẹ̀ ni kò tẹ̀lé e lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e. Ìgbà tí ilé ẹ̀kọ́ Mubeenah wọlé ló tó padà sí Treichville. Wọ́n jọ ń gbé, wọ́n jọ ń jẹun, ọ̀rọ̀ iyọ̀ àti ti omi ẹ̀rọ nìkan ni wọ́n ń sọ.

Lọ́jọ́ Sunday kan, Lùbàbà bu oúnjẹ fún ọmọ. Mubeenah ti abọ́ sẹ́yìn, ó wo ẹnu ọ̀nà, ó béèrè ìgbà tí àbúrò ìyá rẹ̀ máa dé.

"Maman, tonton Rachid, il vient quand?"

Àbdùlsàmàd wo Lùbàbà. Lùbàbà ló kúnlẹ̀ níwájú ọmọ náà.

"Kò ní wá mọ́, ọmọ mi," ló ní. "Ó ti kú."

Kò tíì sọ ọ̀rọ̀ yẹn rí. Bó ṣe jáde lẹ́nu rẹ̀, ó jókòó sílẹ̀. Àbdùlsàmàd dìde nídìí tábìlì, ó kúnlẹ̀ tì í, ẹ̀rù ń bà á láti fọwọ́ kàn án. Lùbàbà ló na ọwọ́, ó di ẹ̀wù rẹ̀ mú, ó sì fi orí lé e láyà. Àwọn méjèèjì sunkún nílẹ̀ níbẹ̀, ọmọ náà dúró láàárín wọn, ó ń fi ọwọ́ kékeré rẹ̀ nu ojú ìyá rẹ̀, á tún nu ti bàbá rẹ̀.