Nígbà Tí Èébì Sadbarg Dákẹ́

Nígbà tí Sadbarg kọ́kọ́ bì, inú gbogbo ilé ló dùn. Ọkọ rẹ̀, Ilhom, ṣẹ̀ṣẹ̀ padà sí Rọ́ṣíà ni, níbi tó ti ń bá wọn mọ ilé alájà gíga. Kò tíì pẹ́ tó lọ tí ìyàwó rẹ̀ sáré kúrò nídìí ààrò búrẹ́dì láàárọ̀ ọjọ́ kan, tó di igi tó wà láàárín àgbàlá mú, tó sì bì gbogbo tíì tó mu sí ìdí rẹ̀. Ìyá ọkọ rẹ̀, Bibi Oyniso, dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ìyẹ̀fun lọ́wọ́, ó ń rẹ́rìn-ín.

"Ẹ wò ó o! Àlejò ti kan ilẹ̀kùn," ló wí. "Bì í dáadáa, ìyàwó. Ọmọ tó bá da ìyá rẹ̀ láàmú, irun orí rẹ̀ máa ń pọ̀ ni."

Sadbarg náà rẹ́rìn-ín, ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ẹnu. Ìyẹn ni ìgbà ìkẹyìn tó rẹ́rìn-ín fún ọjọ́ pípẹ́.

Òwúrọ̀ ni èébì náà mọ̀ níbẹ̀rẹ̀. Nígbà tó yá, ó gba ọ̀sán, ó gba alẹ́. Bí wọ́n bá yọ́ ọ̀rá ìrù àgùntàn nínú ìkòkò, a bì. Bí Farzona, àbúrò ọkọ rẹ̀, bá fi ọṣẹ fọṣọ, a bì. Ó bì nítorí òórùn màlúù, ó bì nítorí òórùn irun orí ara rẹ̀. Ó di pé ó ń gbé agolo kan káàkiri bí ẹni gbé àpò, torí itọ́ tó ń dà lẹ́nu rẹ̀ kò ṣe é gbé mì.

Bibi kì í ṣe èèyàn burúkú. Ọmọ méje ló bí, ó sin méjì, ó sì gbàgbọ́ pé oúnjẹ ló ń wo gbogbo nǹkan sàn. Àwo ọbẹ̀ ẹran tó kún bámúbámú ló máa ń gbé síwájú ìyàwó rẹ̀.

"Mu ún tán."

"Bibi, kò ní dúró."

"Bí kò bá dúró, mu òmíràn. Oyún kì í ṣe àìsàn. Oyún Ilhom wà nínú mi nígbà tí mo ń wa ọ̀dùnkún, bí mo bá bì lórí ebè kan, mo bọ́ sórí èkejì nìyẹn."

Sadbarg a mu ún tán, torí ìyá ọkọ ẹni kì í ṣe ẹni tí a ń bá jiyàn. Kí àwo tó gbẹ, ọbẹ̀ náà ti padà jáde.

Farzona ló mú un lọ sí ilé ìtọ́jú kékeré tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé ẹ̀kọ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún ni Farzona, ẹnu rẹ̀ mú, ẹ̀rù kì í bà á láti béèrè ọ̀rọ̀. Nọ́ọ̀sì Saodat tó wà níbẹ̀ wọn Sadbarg, ó wo ahọ́n rẹ̀, ó ní kó jókòó.

"Kí lo ń mu?"

"Ohun tí wọ́n bá fún mi."

"Báwo lo ṣe ń mu ún?"

Sadbarg yíjú sí Farzona. Farzona dá a lóhùn pé, "Wọ́n ń gbé àwo fún un bí ẹni fún ẹṣin lómi."

Nọ́ọ̀sì náà kò rẹ́rìn-ín. Ó ní ikùn tó ń bínú kì í gba àwo, ṣíbí ló ń gbà. Ó fún wọn ní ìyẹ̀fun iyọ̀ àti ṣúgà tí wọ́n ń pò mọ́ omi fún ẹni tó ń ṣu gbuuru. Ó ní kí ó máa mu ún ní tútù, ṣíbí ìmutíì kan, kó sinmi díẹ̀, kó tún mu òmíràn, láti àárọ̀ dalẹ́. Bó bá bì, kó dúró díẹ̀ kí ó tó tún bẹ̀rẹ̀. Kó jẹ búrẹ́dì gbígbẹ kó tó dìde lórí ibùsùn. Kó má ṣe máa jẹun kó tún máa mu omi lẹ́ẹ̀kan náà. Ó fún un ní oògùn kéékèèké tí kì í pa ọmọ lára.

"Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ èyí o," ó yíjú sí Farzona. "Bí omi pàápàá kò bá dúró nínú rẹ̀ láti àárọ̀ di àárọ̀ ọjọ́ kejì, bí kò bá tọ̀, tàbí ìtọ̀ rẹ̀ dúdú bíi tíì tó pẹ́ lórí iná, bí òòyì bá ń kọ́ ọ nígbà tó bá dìde, bí ẹ̀jẹ̀ bá wà nínú èébì, bí ibà bá mú un tàbí inú ń run ún, ẹ má wá sọ́dọ̀ mi. Ọsibítù ńlá ni kí ẹ gbà lọ tààrà."

Wọ́n ṣe bẹ́ẹ̀. Farzona ń po omi náà, ó ń gbé e sínú kànga kó lè tutù, ó sì ń fi ṣíbí fún un. Díẹ̀ ń dúró. Ìyá Ilhom rí i, ó mirí. "Ṣé ọmọ ẹyẹ lẹ̀ ń bọ́ ni?" Ṣùgbọ́n kò gbé àwo mọ́.

Lẹ́yìn náà, aládùúgbò wọn ṣe ìgbéyàwó fún ọmọ rẹ̀. Ìkòkò ìrẹsì ńlá ni wọ́n gbé kaná lẹ́bàá ògiri, ọ̀rá àti àlùbọ́sà ń dún nínú rẹ̀, òórùn náà sì gba orí ògiri wọlé. Sadbarg bì títí ìrẹsì àsè fi jinná. Ó bì títí wọ́n fi jẹ ẹ́ tán. Ṣíbí omi tó bá wọlé, òun náà ní ń jáde. Nígbà tó yá, omi aláwọ̀ ewé ló ń bì, ó korò bí oògùn. Ó dùbúlẹ̀ sórí ẹní, ó kọjú sí ògiri.

Kò dùn ún mọ́. Ohun tó yà á lẹ́nu nìyẹn, àmọ́ ìyàlẹ́nu náà kò lágbára. Ó ń gbọ́ orin ìgbéyàwó bí ẹni tó wà nísàlẹ̀ odò. Ó rántí pé òun lóyún bí èèyàn ṣe ń rántí ọ̀rọ̀ ẹlòmíràn. Wọ́n ní Ilhom pè, wọ́n gbé fóònù sí i létí, Ilhom ní, "Sadbarg, ara ńkọ́?" Ó ní ara le. Ó padà kọjú sí ògiri.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ilé pa rọ́rọ́. Bibi jókòó nídìí tíì, ó tẹ́tí, ó sì dúpẹ́.

"Ẹ gbọ́ ọ? Kò bì mọ́ láti òru. Mo ti sọ fún yín. Ó ti tán nìyẹn."

Farzona jáde lọ pọn omi sínú bútà tí ìyàwó wọn máa ń mú lọ sí ṣáláńgá. Bó ṣe gbé e, ó wúwo. Omi tó pọn sínú rẹ̀ ní àná, ṣáájú ọ̀sán, ló ṣì wà nínú rẹ̀, ó kún dẹ́nu, kòkòrò kan ti kú sójú rẹ̀. Ó gbé bútà náà wọlé bẹ́ẹ̀, ó gbé e ka iwájú ìyá rẹ̀.

"Kí ni kí n fi èyí ṣe?"

"Kò lọ tọ̀ láti àná, Màámi."

"Kò mu nǹkan kan, kí ló fẹ́ tọ̀?"

"Ohun tí mò ń sọ náà nìyẹn! Kò bì torí kò sí nǹkan kan nínú rẹ̀ tó fẹ́ bì. Ẹ wá wò ó."

Wọ́n wọlé. Ètè Sadbarg ti là, ahọ́n rẹ̀ gbẹ bí igi. Farzona fi ìka méjì gbé awọ ẹ̀yìn ọwọ́ rẹ̀, ó sì jù ú sílẹ̀. Awọ náà dúró bẹ́ẹ̀, kò tètè padà. Àyà rẹ̀ ń lù kìkìkì. Wọ́n ní kó dìde, ó dìde, ojú rẹ̀ ṣókùnkùn, ó sì rọ́ lulẹ̀ bí aṣọ tó já lórí okùn.

Bibi pe Ilhom. Fóònù dún títí, kò gbé e. Ó tún pè.

"Bí wọ́n bá bi mí pé ta ló fọwọ́ sí i pé ká gbé e lọ sí ọsibítù ńkọ́?" ó ń bá ara rẹ̀ sọ̀rọ̀. Ó wo ìyàwó ọmọ rẹ̀ nílẹ̀. Ó ti fóònù náà bọ àpò. "Èmi ni mo fọwọ́ sí i. Lọ pe Murod kó gbé ọkọ̀ rẹ̀ wá. Sọ fún un pé kó má wá máa sọ fún mi pé kò sí epo."

Ọ̀nà tó lọ sí ìlú kún fún kòtò, odò Zarafshan ń hó nísàlẹ̀. Orí Sadbarg wà lórí itan ìyá ọkọ rẹ̀. Bibi di àpò ọ̀rá mú lábẹ́ àgbọ̀n rẹ̀, ṣùgbọ́n nǹkan kan kò jáde.

"Bibi," Sadbarg sọ̀rọ̀ wúyẹ́wúyẹ́.

"Mò ń gbọ́."

"Bí oyún náà bá bọ́ lára mi, mi ò rò pé màá sunkún."

Murod awakọ̀ tẹjú mọ́ ọ̀nà. Farzona yíjú sí fèrèsé. Bibi Oyniso ti bá àwọn obìnrin jà láàárín ọ̀nà lórí ọ̀rọ̀ tó kéré sí èyí. Lọ́tẹ̀ yìí, ó fi gèlè rẹ̀ nu ètè Sadbarg.

"Má sunkún," ó ní. "Ibo lo ti máa rí omi ẹkún?"

Ní ọsibítù, dókítà obìnrin kan tó ń jẹ́ Qimmat gbà wọ́n. Ó pẹ́ kí ìtọ̀ díẹ̀ tó jáde, ó dúdú, ó sì nípọn. Wọ́n ti bébà kan bọ̀ ọ́, bébà náà yí padà sí àwọ̀ àlùkò. Dókítà ní ebi ti pa ara rẹ̀ dé ibi tí ara ti bẹ̀rẹ̀ sí í sun ọ̀rá ara rẹ̀ bí ẹni fi ilẹ̀kùn ilé dáná. Ó wọ̀n ọ́n, ó ti fọn gan-an. Wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ rẹ̀, wọ́n gún un ní abẹ́rẹ́ tó ń dá èébì dúró, wọ́n sì so omi iyọ̀ kọ́ sí i lápá. Bibi ní kí wọ́n so omi ṣúgà, kí agbára wọlé kíá.

"Ṣúgà kọ́ ló máa kọ́kọ́ wọlé, Ìyá," dókítà dá a lóhùn. "Ẹni tó ti pẹ́ tí kò jẹun, fítámì la kọ́kọ́ ń fún un. Bí ṣúgà bá ṣáájú, ó lè ba ọpọlọ jẹ́."

Wọ́n fi ẹ̀rọ wo ikùn rẹ̀. Ọmọ kan ṣoṣo ni, ọkàn rẹ̀ ń tàn kú, tàn jí lójú ẹ̀rọ. Farzona sunkún. Bibi ń pe orúkọ Ọlọ́run. Sadbarg wo ibi tí nǹkan ń tàn náà, ó ní, "Òun nìyẹn?" Ó sì di ojú.

Dókítà Qimmat jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn. "Kí lo ń rò?"

"Mi ò ro nǹkan kan."

"Ó ń ṣe ọ̀pọ̀ aláboyún bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe pé o burú, ó ti rẹ̀ ọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí omi bá wọlé tí ọkàn rẹ ò sì jí, ìwọ ni kí o sọ fún mi. Má jẹ́ kí wọ́n bá ọ sọ ọ́."

Wọ́n pààrọ̀ omi náà léraléra. Ní ọjọ́ kejì, ó tọ̀ tó pọ̀, ó sì mọ́ gaara. Bibi gbé ike ìtọ̀ náà sókè sí ìmọ́lẹ̀ fèrèsé, ó sì ní kí àwọn aláìsàn yòókù wá wo iṣẹ́ Ọlọ́run. Ọ̀sán ọjọ́ náà ni Ilhom pè, ó ń ṣàròyé pé kí ló dé tí wọ́n gbé ìyàwó òun lọ láìsọ fún òun.

"Mo pè ọ́," ìyá rẹ̀ dáhùn. "O ò gbé e. Ṣé kí n máa fi ìyàwó rẹ dúró dè ọ́ bí ìgbà téèyàn ń fi tíì dúró de ọkọ?"

Wọ́n padà sílé pẹ̀lú oògùn. Èébì náà kò lọ, ó kàn dín kù. Láàárọ̀ ọjọ́ kan lẹ́yìn náà, omi tún kọ̀ láti dúró, Sadbarg lọ sí ṣáláńgá, ó wo ohun tó jáde, ó padà wọ bàtà rẹ̀. "Ẹ jẹ́ ká lọ," ó ní. Kò sẹ́ni tó pe Rọ́ṣíà kí wọ́n tó lọ. Alẹ́ ọjọ́ kejì ni wọ́n padà dé láti ọsibítù.

Oyún náà ti wọ oṣù karùn-ún nígbà tí Farzona bó kùkúḿbà tútù kan nínú àgbàlá, tó gé e, tó jẹ ìdajì. Sadbarg na ọwọ́, ó mú ìyókù, ó jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ó jókòó, ó ń dúró de ohun tó máa ń tẹ̀ lé e. Kò dé. Inú rẹ̀ kò dùn, kò sì bàjẹ́. Nǹkan kan yí padà lábẹ́ ìdodo rẹ̀, fẹ́rẹ́, bí ẹja kékeré. Ó gbé ọwọ́ lé ibẹ̀, ó sì fi í sílẹ̀ síbẹ̀.

"Ṣé ó tún ń ṣe yín ni?" Farzona béèrè.

"Rárá," ó ní. "Ṣé ẹ ṣì ní òmíràn?"