Ẹ Má Nu Iṣẹ́ Tí Kò Tíì Parí

Láti ọjọ́ tí wọ́n ti sin Ọ̀gá Àjàmú, olùkọ́ ìṣirò, kò sẹ́ni tó jẹ́ nu pátákó yàrá òkè ní ilé ẹ̀kọ́ lẹ́sìnnì wọn l'Ólódì-Àpápá. Òfin òun fúnra rẹ̀ ni wọ́n ń pa mọ́. Nígbà ayé rẹ̀, bí ọmọ kan bá ti gbé dọ́sítà, á ní, "Ẹ má nu iṣẹ́ tí kò tíì parí. Èyí tó bá parí, ẹ nù ún kíá, kí ẹlòmíràn ríbi kọ tiẹ̀." Ìṣirò tó kọ kẹ́yìn kò sì parí. Ó kọ ∫ x e⁻ˣ dx. Ó kọ u = x sábẹ́ rẹ̀, ó kọ v = e⁻ˣ. Ó tún gbé ọwọ́ padà sí pátákó bí ẹni tó fẹ́ fi nǹkan kún un, ni ṣọ́ọ̀kì bá bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Kí wọ́n tó kírun Mọ̀gàríbì lọ́jọ́ náà, ó ti dákẹ́.

Ràdíátù, ọmọ rẹ̀ obìnrin, wà lórí bẹ́ǹṣì iwájú nígbà tó ṣubú. A-level lòun náà ń kà níbẹ̀, kó lè wọ yunifásítì láti ọdún kejì, kó kọ́ṣẹ́ ẹnjiníà. Ìdánwò ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Ìṣirò ló máa gbé e wọlé, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ìsọ̀ ìyá rẹ̀ ní ibùdókọ̀ Coconut ni, nídìí títa ẹ̀yà ara tírélà, ó sì mọ̀ pé ẹni tó bá ti jókòó síbẹ̀ kì í tètè dìde.

Ọ̀gá Àjàmú kì í bú ọmọ. Bí ẹnì kan bá ṣì í lójú pátákó, á kàn fi ìdí ṣọ́ọ̀kì gbá ibẹ̀, á dún kò, kò, á sì dákẹ́. Onítọ̀hún ni yóò fi ojú ara rẹ̀ wá àṣìṣe ara rẹ̀. Ìró yìí ni wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ́ lẹ́yìn ìsìnkú. Ọ̀sán gangan ni o! Kò, kò, láti ara pátákó tí ẹnikẹ́ni kò sún mọ́. Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, Efe, ọ̀kan nínú àwọn ọmọ kíláàsì, sá jáde, ó fi bàtà rẹ̀ kan sílẹ̀.

"Oga still dey that board o!" ló ń pariwo lórí àtẹ̀gùn. "Èmi ò jókòó síwájú mọ́!"

Tìmí, ọ̀dọ́mọkùnrin tó gba iṣẹ́ olóògbé, ní kí wọ́n má dẹ́rù ba ara wọn, pé tírélà ló ń mi ilé, ìṣó pátákó ló ti tú. Akọni ẹnu! Òun tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kì í dé ìtòsí pátákó náà. Káàdíbọ́ọ̀dù ló lẹ̀ mọ́ ògiri kejì, ibẹ̀ ló ń kọ̀wé sí.

Nígbà tí wọ́n ṣe ìdánwò ìdánrawò, ibì kan náà ni gbogbo kíláàsì ti kọsẹ̀. Wọ́n ní kí wọ́n íńtígírétì x² e⁻ˣ, gbogbo wọn kọ v = e⁻ˣ, gẹ́gẹ́ bí ó ti wà lórí pátákó.

"Minus dà?" Tìmí bi wọ́n. "Tí ẹ bá integrate e⁻ˣ, minus gbọ́dọ̀ jáde síwájú ẹ̀ ni."

"Ọ̀gá Àjàmú ò kọ minus, sà," ni Efe wí.

Tìmí wo pátákó, ó wo Ràdíátù, ó sì wolẹ̀. "Bóyá ó ti rẹ Ọ̀gá lọ́jọ́ yẹn."

Ràdíátù dìde. "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ má fi òkú bàbá mi ṣe àwáwí. Bàbá mi ò ṣi iṣẹ́ kankan rí níwájú pátákó."

Inú bí i gidigidi. Ohun tó sì dùn ún jù ni pé nǹkan kan nínú rẹ̀ ń sọ pé òótọ́ ni Tìmí ń sọ. Ó kórìíra Tìmí nítorí ẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, nígbà tí àwọn yòókù ń jẹun nísàlẹ̀ lẹ́yìn ìrun Àṣárì, ó gun òkè lọ lóun nìkan. Kò síná. Eruku ọyẹ́ ti bo fèrèsé. Ó dúró síwájú ìkọ̀wé bàbá rẹ̀, x onírù gígùn tí bàbá máa ń kọ.

"Bàbá mi, ṣé èmi lẹ ń bínú sí ni?"

Kò, kò.

Ó fẹ́ sá, ṣùgbọ́n ibo ni ọmọ fẹ́ sá fún bàbá rẹ̀ gbà? Ó mú ṣọ́ọ̀kì, ó kọ èyí tí bàbá kọ́kọ́ kọ́ ọ nílé síbi tó ṣófo, láti fi dán ìró náà wò: ∫ ln x dx. Ó rántí bí bàbá ṣe rẹ́rìn-ín nígbà tóun ní kò sí nǹkan méjì tóun lè pín níbẹ̀. "O rò pé ó dá wà ni? Ẹnì kan dúró tì í tí o ò rí. One ni. One lọ́nà ln x." Nítorí náà ó fi ln x ṣe u, ó fi 1 dx ṣe dv, v di x. Ó kọ x ln x − ∫ x · 1/x dx, ìyẹn x ln x − x + C. "Dá a padà wò," bàbá máa ń wí. Ó dífárẹ́ńṣíétì rẹ̀: ln x + 1 − 1. Ln x nìkan ló kù. Kò sí ìró kankan. Ó ti parí, ó sì nù ún.

Ó wá kọjú sí ti bàbá, ó tẹ̀ lé e láti ibi tó dúró sí: x e⁻ˣ − ∫ e⁻ˣ dx, tó di x e⁻ˣ + e⁻ˣ + C. Ó dá a padà wò. −x e⁻ˣ ló rí. Ìṣirò náà padà wálé lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn ló kọ sílé.

Kò, kò.

Ó fi àtẹ́lẹwọ́ lé pátákó, ó ń wá ibi tí ìró náà wà. Ó bá a lábẹ́ v = e⁻ˣ. Ìgbà náà ni ojú rẹ̀ là. Òun fúnra rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ íńtígírétì e⁻ˣ nísàlẹ̀ pátákó, ó sì rí −e⁻ˣ, láìtilẹ̀ ronú. E⁻ˣ kan náà ló wà lókè láìní àmì. Bàbá kì í gbá ènìyàn, ibi àṣìṣe ló ń gbá. Àṣìṣe tirẹ̀ ló ti ń gbá láti ọjọ́ yìí wá, tí wọ́n ń sá fún un! Ó rántí ọwọ́ tó padà sí pátákó kí ṣọ́ọ̀kì tó bọ́. Àlàfo tó wà láàárín = àti e náà gba àmì kan dáadáa.

Ó fa ìlà kékeré náà síbẹ̀. v = −e⁻ˣ. Ó kọ −x e⁻ˣ + ∫ e⁻ˣ dx, ó kọ −x e⁻ˣ − e⁻ˣ + C. Ó dá a padà: −e⁻ˣ + x e⁻ˣ + e⁻ˣ. Àwọn e⁻ˣ méjèèjì pa ara wọn, x e⁻ˣ dúró gbọin.

Ó ti parí. Ẹkún sì gbọ̀n ọ́n, nítorí ó mọ ohun tí wọ́n ń ṣe sí iṣẹ́ tó bá parí.

Ó yọjú lójú fèrèsé, ó ké sí Tìmí nísàlẹ̀. "Sà, ẹ máa gòkè bọ̀. Minus wà níbẹ̀. Ẹ má bínú sí mi."

Wọ́n gòkè, wọ́n rọra ń tẹlẹ̀. Tìmí ní kó ṣe ti x² fún wọn, ó sì ṣe é: ó pín in lẹ́ẹ̀kan, x² di 2x, ó tún un pín, 2x di 2 lásán, kò sì sí x tó ń dí e⁻ˣ lọ́wọ́ mọ́. −e⁻ˣ(x² + 2x + 2) + C. Efe kọ ọ́, ó mí kanlẹ̀. Kò sẹ́ni tó nawọ́ sí dọ́sítà. Ràdíátù ló mú un. Ó nu gbogbo rẹ̀, x onírù gígùn ló nù kẹ́yìn.

Nígbà tí wọ́n lọ tán, ó jókòó ti pátákó tó mọ́ náà. Kọ̀ǹténà kan kọjá lójú títì, ilé mì, pátákó kò fọhùn. Ó dìde, ó mọ̀ọ́mọ̀ kọ v = e⁻ˣ, láìsí àmì, ó sì dúró, ó ń tẹ́tí. Ó pẹ́ tó ti ń tẹ́tí. Ẹnikẹ́ni kò gbá nǹkan.

Ó yí ìdí ṣọ́ọ̀kì padà, ó sì gbá ibẹ̀ fúnra rẹ̀, kò, kò, ó wá fi àmì náà sí i.