Omi Ẹja Màmá Kò Fẹ́ Ìkánjú

Bí ẹnikẹ́ni bá sọ fún yín pé ọkùnrin kì í fẹ́ràn ìyá ìyàwó rẹ̀, ẹ ní kó wá wo oníbúrẹ́dì tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí. Ọkùnrin bàǹtà-banta ni. Ìdájí ló máa ń jí lọ po ìyẹ̀fun, á sì dúró níwájú ààrò títí ọ̀sán á fi pọ́n. Ìyá tirẹ̀ ti kú kó tó mọ ọwọ́ ọ̀tún yàtọ̀ sí òsì. Nígbà tí ìyá ìyàwó rẹ̀ wá yọ̀ ṣubú ní balùwẹ̀, nínú ilé tó ń dá gbé, òun ló kọ́kọ́ pariwo pé kí wọ́n lọ gbé Màmá wá. Ìyàwó rẹ̀, tó jẹ́ tíṣà, kò tíì nu omijé tán tí ọkọ rẹ̀ fi ti mú kọ́kọ́rọ́ ọkọ̀.

Màmá ní òun á wá o, àmọ́ òun ò ní fi àwọn ẹja òun sílẹ̀. Mẹ́fà ni wọ́n, pẹlẹbẹ, aláwọ̀ fàdákà, tí ìlà dúdú gba ara wọn kọjá, tí lẹbẹ́ wọn gùn wọ́lọ́wọ́lọ́. Ibi tí wọ́n ti ń sin ẹja ni Màmá ti fi ọgbọ̀n ọdún ṣiṣẹ́, nínú irú àwọn tó sìn níbẹ̀ ni wọ́n sì ti wá.

"Ẹja mẹ́fà péré?" ni oníbúrẹ́dì wí. "Màmá ì báà kó ọ̀nì wá, a máa wá àyè fún un."

Ó wá àyè lóòótọ́. Ibi tó dára jù ní pálọ̀ ló gbé táńkì gíláàsì náà sí, lórí kọ́bọ́ọ̀dù, níbi tí ojú àlejò á ti kọ́kọ́ bà á, lábẹ́ ẹ̀rọ amúlétutù gan-an. Ó rò pé òun bu ọlá fún wọn ni. Ìgbà náà kò tíì sí ooru, kò sẹ́ni tó ń tan ẹ̀rọ náà, ayé sì dùn. Oníbúrẹ́dì á mú búrẹ́dì gbígbóná bọ̀, Màmá á ní, "Ẹ ṣeun o, àna mi, ẹ má ṣe wàhálà mọ́," á sì jẹ ẹ́ tán. Ọkùnrin náà á máa wò ó bó ṣe ń jẹun, inú rẹ̀ á máa dùn bíi pé òun fúnra rẹ̀ ló ń yó.

Nígbà tó yá, ooru dé. Ẹ mọ bó ṣe máa ń rí fún ẹni tó bá dúró ti ààrò láti ìdájí. Ọ̀sán ni oníbúrẹ́dì máa ń wọlé, ara funfun fún ìyẹ̀fun, òógùn ń ṣàn wá sí igbá àyà. Á mú rìmóòtù, á fi ẹ̀rọ sí ibi tó tutù jù, á ju ara rẹ̀ sórí àga, á sì sùn lọ fọnfọn. Màmá, tí òtútù máa ń bù jẹ níbi ìbàdí tó fi ṣubú, á rọra wọ yàrá lọ, á pa ilẹ̀kùn dé. Bí oníbúrẹ́dì bá jí, á pa ẹ̀rọ, á lọ wẹ̀. Tí ilẹ̀ bá wá mọ́, tí Màmá bá wo tẹmómítà tó lẹ̀ mọ́ ara táńkì, á rí dígírì mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, bó ṣe máa ń wà látijọ́. Kò sóhun tó bà jẹ́, lójú ẹni tó bá ń wò ó láàárọ̀.

Àmọ́ àwọn ẹja ò jẹun mọ́. Wọ́n ká lẹbẹ́ mọ́ra, àwọ̀ wọn ṣá, wọ́n á lọ kó ara wọn jọ sísàlẹ̀ omi, wọ́n á máa mí gúle-gúle. Lọ́jọ́ kan, nǹkan funfun wínníwínní bí iyọ̀ yọ sára ọ̀kan nínú wọn. Oníbúrẹ́dì rò pé ìyẹ̀fun ara òun ló bọ́ sómi, ó lọ wẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́jọ́ náà. Ẹ rí ọkùnrin yìí? Ìwẹ̀ ẹja ló ń bá wọn wẹ̀!

Ẹja náà kú. Màmá fi ìwé wé e, ó sin ín sẹ́yìnkùlé. Ní Ọjọ́rú ọ̀sẹ̀ kejì, ó pe ọmọ rẹ̀ àti àna rẹ̀ jókòó.

"Ẹ bá mi wá mọ́tò fún Sátidé," ló wí jẹ́jẹ́. "Mo fẹ́ padà sílé mi. Ibí yìí ò bá àwọn ẹja wọ̀nyí lára mu."

Ìyàwó sunkún, ó bẹ̀bẹ̀, ó rán Màmá létí balùwẹ̀. Màmá ní ẹsẹ̀ òun ti mókun. Oníbúrẹ́dì gbé oúnjẹ ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀. Ta ni yóò máa kí i káàbọ̀ lọ́sàn-án? Ta ni yóò máa sọ fún un pé iyọ̀ búrẹ́dì òní ti pọ̀ jù? Ó fẹ́ràn obìnrin náà, kò sì mọ bí àna ṣe ń sọ irú ẹ̀ jáde lẹ́nu.

Ní Jímọ̀, ó pinnu pé òun á fi ojú ara òun wo ohun tó ń ṣe àwọn ẹja náà. Ó fa àga sún mọ́ táńkì. Tẹmómítà wà ní mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n. Ọwọ́ tó ti mọ́ lára ló fi tan ẹ̀rọ, kò tiẹ̀ mọ̀ pé òun tàn án. Ó ní òun ò ní sùn, ó sì sùn.

Aago mẹ́ta ọ̀sán ló ta jí. Ó wo tẹmómítà, ó fi àtàǹpàkò nu ún, ó tún un wò: mẹ́tàlélógún. Ó gbójú sókè. Atẹ́gùn tútù ń tú jáde lẹ́nu ẹ̀rọ náà, tààrà gba àwọn ihò ìdérí táńkì sórí omi, ojú omi sì ń hun jọ. Àwọn ẹja márààrún ti há sí kọ̀rọ̀ kan nísàlẹ̀.

"Yéè!" Ó gbá àyà mú. "Èmi ni! Èmi ni mo ń pa wọ́n!"

Ó pa ẹ̀rọ náà kíákíá. Ì bá dúró síbẹ̀, ọ̀rọ̀ ì bá parí. Àmọ́ iná ni oníbúrẹ́dì mọ̀. Lójú tirẹ̀, ohun tó bá tutù, kí a fi ooru sí i, ó parí. Ó sáré wọ kíṣìnnì, ó se omi kẹ́tùlù kan hó, ó gbé e wá sí pálọ̀, ó ṣí ìdérí táńkì. Omi gbígbóná ti fẹ́ kán lẹ́nu kẹ́tùlù nígbà tí ilẹ̀kùn yàrá ṣí gbà.

"Gbé e sílẹ̀!" Màmá kò ké bẹ́ẹ̀ rí láti ọjọ́ tó ti dé. "Gbé e sílẹ̀ jàre! O fẹ́ sè wọ́n ní ọbẹ̀ ni?"

Oníbúrẹ́dì gbé kẹ́tùlù sílẹ̀. Ó kúnlẹ̀ wìì, ó ṣàlàyé gbogbo rẹ̀: ẹ̀rọ, oorun, mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, mẹ́tàlélógún. "Màmá, èmi ni mo pa èyí tó kú. Ẹ dárí jì mí."

"Mo mọ̀," ni Màmá wí.

"Ẹ mọ̀ kẹ̀?"

"Láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo jáde wá bu omi mu nígbà tí ò ń han-an-run, mo fọwọ́ kan gíláàsì, ó tutù rinrin. Mo wo tẹmómítà. Ọ̀rọ̀ yé mi."

"Kí ló dé tẹ́ ò jí mi? Tẹ́ ò gbá mi létí?"

Màmá jókòó. "Ẹni tó ti dúró níwájú iná láti ìdájí, ṣé kí n ní kó má sinmi nínú ilé ara rẹ̀ ni? Mo ní kí n kó ẹja mi, kí n máa lọ jẹ́jẹ́."

Ọ̀rọ̀ náà dun oníbúrẹ́dì débi pé inú bí i. "Ẹ fẹ́ padà lọ ṣubú ní balùwẹ̀ kí èmi lè sùn! Màmá, èwo nìyẹn? Ẹ ní ọmọ ọkùnrin, ẹ ò mọ̀ ọ́n bá wí!"

Màmá ká apá aṣọ rẹ̀ sókè, ó ní, "Ó dáa. Dìde, kí n bá ọ wí."

Ó ní kó da ìdérí bo táńkì padà, kó fi aṣọ wé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kó má dí ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé. Ó mú hítà kékeré kan jáde látinú àpótí rẹ̀, ọ̀pá gíláàsì tó ti rà láti ọdún mélòó kan tí kò tíì lò rí. Ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ rì í bọ omi dáadáa kí wọ́n tó ki wáyà rẹ̀ bọ iná. Ó yí i sí mẹ́rìnlélógún.

"Mẹ́rìnlélógún péré? Kí ló dé tá ò gbé e sí mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n lẹ́ẹ̀kan náà?"

"Fetí sílẹ̀. Ẹja ò ní iná nínú ara bíi tiwa. Bí omi bá ṣe rí, bẹ́ẹ̀ ni ara rẹ̀ ń rí. Bí omi bá tutù lójijì, èémí rẹ̀ á dàrú, oúnjẹ ò ní dà nínú rẹ̀, agbára tó fi ń bá àìsàn jà á relẹ̀. Ibẹ̀ ni àìsàn funfun yẹn ti rí àyè wọlé. O ti fi òtútù dẹ́rù bà wọ́n lójoojúmọ́, o tún wá fẹ́ fi ooru dẹ́rù bà wọ́n. Dígírì kan ní wákàtí kan, kò gbọdọ̀ jù bẹ́ẹ̀ lọ."

Wọ́n jókòó ti táńkì. Òógùn bo oníbúrẹ́dì, fáànù kékeré kan ló ń fẹ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Kò tíì pé ọgbọ̀n ìṣẹ́jú tó fi na ọwọ́ sí hítà, Màmá sì gbá a lọ́wọ́ pà.

"Bí ìyẹ̀fun ò bá tíì wú, ṣé o máa ń tì í bọ ààrò?"

"Rárá, Màmá."

"Jókòó síbẹ̀ nígbà náà."

Ní aago mẹ́rin, omi pé mẹ́rìnlélógún. Wọ́n yí hítà sókè díẹ̀. Màmá ní tí ó bá di mẹ́tàdínlọ́gbọ̀n, àwọn á jẹ́ kó sinmi di ọ̀la. Lẹ́yìn náà ni àwọn á máa gbé e sókè díẹ̀díẹ̀ dé ọgbọ̀n, pẹ̀lú atẹ́gùn púpọ̀ nínú omi, fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí àìsàn funfun náà lè lọ pátápátá. Ó ní táńkì náà ò ní kúrò níbẹ̀ lónìí, ìjayà tí wọ́n ti rí tó. Ẹ̀rọ amúlétutù ni kó máa sùn. Oníbúrẹ́dì ń mi orí bí ọmọ ilé ìwé.

Aago mẹ́fà kù díẹ̀ nígbà tí ìyàwó rẹ̀ wọlé. Ó bá wọn níbẹ̀, ọkọ rẹ̀ rin gbindin, ìyá rẹ̀ ń fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ ẹ. Omi ti fẹ́ pé mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n. Èyí tó tóbi jù nínú àwọn ẹja náà ṣẹ̀ṣẹ̀ na lẹbẹ́ rẹ̀, ó gòkè díẹ̀, ó yí po.

"Màmá," ni ìyàwó wí, "mọ́tò ọ̀la ńkọ́?"

Màmá ò gbójú kúrò lára tẹmómítà. "Mọ́tò wo? Ẹni tó fẹ́ fi omi kẹ́tùlù wẹ ẹja mi, òun lo ní kí n fi wọ́n sílẹ̀ fún kí n máa lọ?" Ó yíjú sí àna rẹ̀. "Ǹjẹ́ kápẹ́ńtà gidi wà ládùúgbò yìí? Mo fẹ́ ibi tí mo lè fi aṣọ kọ́. Aṣọ ò ṣeé fi sínú àpótí títí láé."

Oníbúrẹ́dì ní òun ń bọ̀, òun fẹ́ mu omi. Ó dé kíṣìnnì, ó di ẹ̀gbẹ́ sínkì mú, ó bú sẹ́kún. Ó sunkún títí Màmá fi pariwo sí i láti pálọ̀ pé kó yáa jáde wá, wákàtí ti pé.