Kẹ̀kẹ́ Mùtàlíbù Tó Wà ní Ọ́fíìsì Iná

Bí ọjọ́ bíìlì bá pé, Zechariah kì í kan ilẹ̀kùn. Á dúró síta, á fọwọ́ lé ògiri kúkúrú iwájú ilé wa ní Atikori, á wá pariwo bí ẹni tó ń da ewúrẹ́ wálé: "Mùtàlíbù o, bíìlì rèé o."

Ìye á dá a lóhùn láti ilé ìdáná: "Kò sí nílé. Ó lọ sí Efire."

"Ẹ bá mi kí i, Mà."

"Á gbọ́."

Ìye ni ìyá tó bí ìyá mi. Shukurat lorúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń pè é bẹ́ẹ̀ mọ́. Mùtàlíbù lọkọ rẹ̀. Láti ìgbà tí mo wà ní pírámárì fọ́ọ̀ ni bàbá yẹn ti kú. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n sin ín. Èmi ni mo gbé bàtà rẹ̀ dání tẹ̀ lé wọn dé ẹ̀bá sàréè, torí mo rò pé wọ́n gbàgbé láti wọ̀ ọ́ fún un ni.

Ṣùgbọ́n lẹ́nu Ìye, bàbá ò kú. Efire ló lọ, lọ́dọ̀ àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tó ń pẹja létí ọ̀sà. Ọdún tó tẹ̀ lé e ni Zechariah bẹ̀rẹ̀ sí í pín bíìlì ládùúgbò wa, kò fojú kan bàbá rí. Ó bi Ìye léèrè baálé ilé, Ìye ní ó lọ sí Efire, ọ̀rọ̀ sì tán síbẹ̀. Bí Iléyá bá dé, Ìye á di ẹran fún un: "Mùtàlíbù ní kí n fún ọ." Zechariah á dúpẹ́, á ní kí Ọlọ́run jẹ́ kí àwọ̀n bàbá máa wúwo.

Nígbà tí ẹsẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í dun Ìye, ìyá mi, Àdíját, tó ń ta ẹja yíyan ní Abigi, ní kó máa bọ̀ lọ́dọ̀ òun. Ìye kọ́kọ́ kọ̀. Nígbà tó yá, ó gbà. A sọ fún onílé wa, Ọ̀gbẹ́ni Ògúnbáyọ̀, pé a ń kó lọ. Ó ní kò burú, ṣùgbọ́n kí á rí i pé a san gbèsè iná tán kí á tó jáde, torí ẹni tó ń bọ̀ lẹ́yìn wa ò ní fẹ́ jogún bíìlì ẹlòmíràn.

Mo ní, "Ìye, ẹ jẹ́ ká kàn sanwó oṣù yìí ká máa lọ."

Ó wò mí bí ẹni tó fẹ́ tà mí. "Qowiyyu, kí n wá fi kẹ̀kẹ́ bàbá rẹ sílẹ̀ fún ta ni?"

Ọ̀rọ̀ kẹ̀kẹ́ yẹn, mo ti gbọ́ ọ tó ìgbà tí mo ti jẹ ẹ̀bà. Nígbà tí wọ́n dé ilé yìí, kò sí iná níbẹ̀. Àtùpà ni wọ́n ń tàn. Àwọn oníná ní kí wọ́n tó fa wáyà, ẹni tó fẹ́ iná gbọ́dọ̀ fi owó kan sílẹ̀ lọ́dọ̀ àwọn, dìpọ́sítì, tí wọ́n á dá padà fún un lọ́jọ́ tó bá ti àkáǹtì rẹ̀ pa tí kò sì jẹ wọ́n. Bàbá ò lówó. Kẹ̀kẹ́ ló ní, kẹ̀kẹ́ dúdú kan tó fi ń gbé Ìye lọ sóko ní Ago-Iwoye, tí Ìye á jókòó sẹ́yìn, tí bàbá á máa tẹ aago fún ẹni tí kò sí lọ́nà. Ó ta kẹ̀kẹ́ yẹn, ó fowó rẹ̀ san dìpọ́sítì. Alẹ́ tí iná dé, Ìye ní àwọn ò sùn. Wọ́n jókòó sábẹ́ gílóòbù, wọ́n ń wo ara wọn bí àlejò.

Torí náà, lójú Ìye, kẹ̀kẹ́ yẹn wà ní ọ́fíìsì iná. Wọ́n gbé e ti ògiri síbì kan ni.

Ìwé ẹ̀rí dìpọ́sítì wà lápò agbádá bàbá, òun àti kọ́bọ̀ kan tí kò sẹ́ni tó ń ná an mọ́. A gbé ọ̀kadà lọ sí ọ́fíìsì. Obìnrin tó wà nídìí tábìlì ń jẹ́ Zipporah, ó fara balẹ̀, ó yẹ ìwé náà wò níwájú àti lẹ́yìn.

"Ìwé yín pé, Mà. Dìpọ́sítì náà ṣì wà lórí àkáǹtì. Ẹ máa kọ lẹ́tà pé ẹ fẹ́ ti àkáǹtì pa. A máa wá ka mítà, a máa já iná, a máa ṣe bíìlì ìkẹyìn. Bí a bá yọ bíìlì yẹn kúrò nínú dìpọ́sítì, ìyókù di tiyín. Ṣùgbọ́n ẹni tó ni àkáǹtì ló máa fọwọ́ sí i. Mùtàlíbù dà?"

Mo ní, "Àǹtí, bí ẹ bá fẹ́ kó wá fúnra rẹ̀, a máa nílò ṣọ́bìrì."

Zipporah ò rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Bó bá jẹ́ pé ó ti kú ni, ẹ máa mú ìwé ẹ̀rí ikú wá, àti ìwé ìbúra láti kóòtù pé ẹ̀yin ni—"

"Ta ló kú?"

Zechariah nìyẹn, ó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, báàgì bíìlì lọ́rùn rẹ̀.

"Mùtàlíbù, ní Atikori," ni Zipporah wí.

"Háà, rárá. Mùtàlíbù kẹ̀? Kò kú o. Efire ló lọ. Oṣù tó kọjá gan-an mo ní kí wọ́n bá mi kí i." Ó yíjú sí mi. "Qowiyyu, àwàdà rẹ ti ń pọ̀ jù. O fẹ́ pa bàbá àgbà torí owó iná?"

"Ẹ ti rí i rí ni?" ni mo bi í.

"Mo rí ẹ̀yìn rẹ̀ lọ́jọ́ kan. Ó ń roko ewédú lẹ́yìnkùlé yín, ó wọ dàńṣíkí aláwọ̀ eérú."

Èmi ni. Ẹ̀wù mi ti tán, aṣọ bàbá ni mo wọ̀. Mo tiẹ̀ fi ohùn wúrúwúrú dá a lóhùn lọ́jọ́ yẹn.

"Ó fi ẹran Iléyá ránṣẹ́ sí mi," ni Zechariah tún wí, ohùn rẹ̀ ti ń ga. "Àǹtí Zipporah, ẹ má fọwọ́ sí nǹkan kan o. Wọ́n fẹ́ jẹ owó bàbá náà lójú ayé rẹ̀. Bó bá ti Efire dé ńkọ́? Kí la máa wí fún un?"

Zipporah gbé bíírò sílẹ̀. Àwọn tó wá sanwó iná ti yíjú sí wa. "Ẹ wò ó, Mà. Bó bá wà láyé, kó wá fọwọ́ sí i. Bí kò bá sí láyé, ẹ sọ fún mi. Mi ò lè gbé owó ẹni tó lọ sí Efire fún ẹlòmíràn."

Ìye ń fi ọwọ́ pa etí ìwé tó wà níwájú rẹ̀, bí ẹni tó ń nu ọmọ nímú. Mo mọ ohun tó ń rò. Bó bá sọ ọ́, bàbá ò ní sí ní Efire mọ́. Bí kò bá sọ ọ́, kẹ̀kẹ́ á wà lára ògiri wọn títí láé.

"Zechariah," ló wí.

"Mà."

"Kò lọ sí Efire. Ó kú."

Zechariah jókòó sórí báàgì bíìlì. Nígbà tó yá, ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja lórí sìmẹ́ńtì. "Ẹ kú àjálù, Mà. Ọlọ́run á tẹ́ bàbá sáfẹ́fẹ́ rere. Ìgbà wo la ń ṣe fídáù?"

"A ti ṣe é," ni mo wí. "Pírámárì fọ́ọ̀ ni mo wà."

"Èmi ò gbọ́," ló wí, omi sì bọ́ lójú rẹ̀ lóòótọ́. Ìye ló tún ń pàrọwà fún un.

Ìwé ẹ̀rí ikú gba wàhálà díẹ̀, torí ilé ni bàbá kú sí. Ìmáàmù kọ lẹ́tà fún wa, àwọn tó ń kọ orúkọ òkú sílẹ̀ gbà á, a sì búra ní kóòtù. Nígbà tí akọ̀wé kóòtù bi Ìye pé ṣé òótọ́ ni, ó dáhùn kíá. Ó ti sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ti rọrùn díẹ̀.

Lọ́jọ́ tí wọ́n wá ka mítà, Ìye tan gbogbo gílóòbù ilé, ọ̀sán gangan. Ọ̀gbẹ́ni tó ń kà á ní, "Mà, ẹ ń fi kún bíìlì yín." Ìye ní, "Mo mọ̀." A jọ dúró ti mítà àtijọ́ yẹn, irin pẹlẹbẹ inú rẹ̀ ń yí pẹ̀lú ilà pupa. Ọ̀gbẹ́ni náà kọ nọ́ńbà sílẹ̀, ó ní kí Ìye wò ó, Ìye tẹ̀ka. Ó já wáyà lórí òpó, ó sì tú mítà lọ, torí tiwọn ni. Irin náà dúró. Ògiri ṣófo níbẹ̀, ó funfun ju ibi tó kù lọ.

Zechariah ló mú bíìlì ìkẹyìn wá. A ti di ẹrù tán, ọkọ̀ Abigi ti dé. Ó fọwọ́ lé ògiri kúkúrú, kò wá mọ bó ṣe máa pè é. Ó ń wẹ̀yìn, ó ń wo ọ̀run.

Ìye ní, "Pè é bó o ṣe ń pè é."

"Mùtàlíbù o," ló wí. "Bíìlì rèé o."

Kò sẹ́ni tó dáhùn. Ìye lọ gba bíìlì náà fúnra rẹ̀.

A ti pẹ́ díẹ̀ ní Abigi kí ìyókù dìpọ́sítì tó wọ àkáǹtì Ìye ní báǹkì. Owó ìgbà bàbá ni, wọ́n ò fi ohunkóhun kún un, wọ́n sì ti yọ bíìlì kúrò. Táyà ni mo ń lẹ̀, mo mọ iye tí wọ́n ń ta nǹkan kẹ̀kẹ́. Mo ní, "Ìye, kẹ̀kẹ́ ò ṣeé rà níbẹ̀ o. Táyà kan gan-an ò ṣeé rà."

"Kí ló ṣeé rà?"

"Aago kẹ̀kẹ́."

Ó ní kí n lọ rà á. Mo rò pé ó ń ṣe àwàdà bíi tèmi. Mo lọ rà á, mo dè é mọ́ òpó ìloro bó ṣe ní kí n dè é, lọ́wọ́ ọ̀nà tó lọ sí Efire. Ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ wọlé gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́: àwọn oníbàárà ẹja ìyá mi, àwọn ọmọ iléèwé, èmi náà. Ìyá mi ní ariwo rẹ̀ ti fẹ́ ya òun ní wèrè.

Ìye kì í bínú sí i. Bí aago bá dún, á gbé orí sókè láti ibi tó ń ṣa ẹ̀wà. "Ta nìyẹn?" ló máa wí. Tí kò bá sẹ́ni tó dáhùn, tó jẹ́ pé afẹ́fẹ́ ọ̀sà ló mì ín, á padà sídìí ẹ̀wà rẹ̀.

"Kẹ̀kẹ́ ti dé," ló máa wí. "Ó kù kó gbé mi."