Ibi Apá Aṣọ Màmá

Gbogbo ilé ìwé ló mọ̀ pé Màmá Rúlà kì í bẹ̀rù òbí. Obìnrin tó ti ń kọ́ ọmọ olọ́mọ ní iṣẹ́ ìránṣọ láti ìgbà tí irun orí rẹ̀ ṣì dúdú kirikiri, tí okùn ìwọnṣọ kì í kúrò lọ́rùn rẹ̀ àfi bó bá fẹ́ sùn, ọ̀rọ̀ wo ni òbí fẹ́ sọ tí etí rẹ̀ ò tíì gbọ́ rí? Ẹnì kan ti pè é ní àjẹ́ nítorí máàkì méjì. Ṣe ló ní kí ẹni náà jókòó, ó sì fún un lómi mu. Ṣùgbọ́n lẹ́tà tó bá lórí tábìlì rẹ̀ láàárọ̀ ọjọ́ yìí mú kó jókòó kó tó kà á tán.

Télọ̀ kan ló ni lẹ́tà náà, bàbá ọmọbìnrin kan tó máa ń jókòó sídìí fèrèsé ní kíláàsì rẹ̀, ọmọ jẹ́jẹ́ tí o ò ní gbóhùn rẹ̀ àfi bí abẹ́rẹ́ bá gún un. Ọkùnrin náà ní ọmọ òun gba mọ́kàndínlógún nínú àádọ́ta lórí iṣẹ́ tí wọ́n fi gbogbo tẹ́ẹ̀mù ṣe, ara òun ò sì gbà á. Ó ní òun gbé aṣọ náà kọ́ sí ṣọ́ọ̀bù òun fún ọjọ́ díẹ̀ kó tó dé ilé ìwé, àwọn oníbàárà sì ń bèèrè iye tí òun máa rán irú ẹ̀ fún wọn. Kí wá ni tíṣà rí tí òun tó fi abẹ́rẹ́ tọ́mọ ò rí? Ó fi èyí parí rẹ̀: "Látìgbà tí máàkì yìí ti dé, ọmọ mi ò fọwọ́ kan ẹ̀rọ mọ́. Ẹ bá mi dá ọmọ mi padà."

Ìyẹn nìkan kọ́ ló dùn ún. Ìwé tí wọ́n fi kọ lẹ́tà náà, Màmá Rúlà mọ ọwọ́ tó kọ ọ́. Ọwọ́ ọmọ náà ni. Gbogbo wọn ló mọ̀ pé télọ̀ yìí gbọ́n lórí nọ́ńbà bí ẹní gbé e jẹ, àmọ́ kò kàwé. Bó bá ti kọ orúkọ rẹ̀ tán, ó parí. Ó túmọ̀ sí pé bàbá ń sọ̀rọ̀, ọmọ ń kọ ọ́: gbogbo ẹ̀sùn yẹn, láti orí dé ìdí, ọmọ tí ọ̀rọ̀ kàn ló fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ọ́. Èsì tí tíṣà bá sì fi ránṣẹ́, òun náà ni yóò kà á sí bàbá rẹ̀ létí.

Màmá Rúlà gbé fáìlì ọmọ náà sílẹ̀. Iṣẹ́ tí wọ́n fún wọn ò le lójú ẹni tó bá gbọ́ ọ: wá ẹnì kan tí aṣọ wíwọ̀ ń fún ní wàhálà, kí o rán èyí tó máa rọ̀ ọ́ lọ́rùn. Ìyá bàbá rẹ̀ ni ọmọ yìí mú. Àìsàn ti sọ apá ọ̀tún màmá náà di aláìṣeégbé sókè, bí wọ́n bá sì ń wọ aṣọ fún un, ó máa ń rọra sunkún. Ọmọ náà wá rán aṣọ tó ṣí láti èjìká wá sí ibi apá, ó fi bọ́tìnnì ńláńlá tí ọwọ́ òsì lè dá dè sí i. Ọgbọ́n orí ìyẹn dùn mọ́ tíṣà nínú. Kí ló wá dé tí máàkì fi kéré?

Nítorí pé nínú fáìlì náà, àwòrán aṣọ kan ṣoṣo tí ọmọ náà fọwọ́ yà ló wà, ó mọ́ tónítóní, bí ẹni pé ọ̀run ló ti já bọ́. Aṣọ ìdánwò tí a kọ́kọ́ fi ń gbìyànjú kó tó di pé a gé ojúlówó, kò sí níbẹ̀. Nígbà tí tíṣà bèèrè, ọmọ ní kò sí mọ́. Ibi tó yẹ kó ti sọ bí aṣọ ṣe rí lára màmá, ó kọ pé: "Ó wọ̀ ọ́, ó dára." Ibi apá ni ó tún burú sí i. Màmá Rúlà ti fọwọ́ ra ojú rírán yẹn lẹ́ẹ̀kan, ara rẹ̀ ti sọ fún un: ó ṣe wẹ́wẹ́, ó ṣe déédéé, ọwọ́ àgbà ni. Ó bi ọmọ náà pé ta ló rán ibẹ̀. Ọmọ wolẹ̀, ó ní òun kọ́. Tíṣà ṣe ohun tí ìlànà wí: ó kọ ọ́ sínú ìwé máàkì pé wọ́n ràn án lọ́wọ́ níbẹ̀, kò sì ka ibẹ̀ mọ́ iṣẹ́ rẹ̀.

Òfin ilé ìwé ni pé bí òbí bá ní máàkì ò tẹ́ òun lọ́rùn, olùkọ́ mìíràn tí kò mọwọ́mẹsẹ̀ ni yóò tún iṣẹ́ náà wò pẹ̀lú ìlànà kan náà. Ìyẹn ló gbé e dé ọ̀dọ̀ Bàbá Onípákó, ẹni tó ń kọ́ wọn ní iṣẹ́ igi, ọkùnrin tí ìyẹ̀fun pákó kì í tán ní ìpéǹpéjú rẹ̀. Ó jókòó tì í títí. Ó wá yọ fọ́tò kan tó lẹ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìwé: màmá àgbà náà jókòó, wọ́n lẹ bébà ìgéṣọ mọ́ ọn ní èjìká, ọmọ sì ti fi bírò sàmì sí ibi tó yẹ kó sún ojú ṣíṣí náà sí. Ó ní ìgbìyànjú nìyí, ojú ẹ fò ó. Màmá Rúlà ò jiyàn. Ojú rẹ̀ fò ó lóòótọ́. Máàkì méjì gorí tàtijọ́, ó di mọ́kànlélógún, ọ̀gá ilé ìwé sì fọwọ́ sí i.

Ó ku èsì. Èyí tí Màmá Rúlà kọ́kọ́ kọ gbẹ bí eegun. Ó fà á ya. Ẹyin lohùn, bó bá balẹ̀, kò ṣeé kó mọ́, ẹnu ọmọ yẹn sì ni ẹyin yìí máa gbà já bọ́. Ó mú ìwé mìíràn.

"Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o," ló kọ. "Aṣọ náà dára, ẹ má rò pé ojú mi fọ́. Ṣùgbọ́n nínú àádọ́ta máàkì yìí, mẹ́wàá péré ló jẹ́ ti rírán. Mẹ́wàá jẹ́ ti mímọ ẹni tí a ń rán an fún: ọmọ yín gba mẹ́jọ, kò sì sẹ́ni tó jù ú lọ ní kíláàsì. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún jẹ́ ti ìgbìyànjú, ìyẹn ohun tó kọ́kọ́ bàjẹ́, tó tú, àti ìdí tó fi tú u. Mẹ́ta ni mo fún un. Olùkọ́ kejì rí ohun tí mo fò, ó di márùn-ún. Àṣìṣe mi ni, ẹ má bínú. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó kù jẹ́ ti wíwò ó lára ẹni tó ni ín, kí a sọ ibi tó kù sí. Gbólóhùn kan ló kọ, ó gba méjì. Nínú rírán, ó gba mẹ́fà. Ibi apá kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀, ohun tí ọmọ ò bá sì fúnra rẹ̀ ṣe, a kì í kà á fún un, bó ti wù kó dára tó. Mi ò bá ẹnikẹ́ni jà. Ẹni tó rán an fẹ́ràn rẹ̀, mo rí i. Ṣùgbọ́n tirẹ̀ ni mò ń wá, kódà kó wọ́."

Ó fi kún un pé àpapọ̀ rẹ̀ ti di mọ́kànlélógún, pé ìgbà tí wọ́n ń gba iṣẹ́ ti kọjá, kò lè tún un ṣe fún máàkì mọ́, àmọ́ ìdánwò ṣì wà níwájú. Bí èsì yìí ò bá sì tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó lẹ́tọ̀ọ́ láti gbé e lọ bá ọ̀gá ilé ìwé. Ó lẹ̀ ẹ́ pa, ó fún ọmọ náà mú lọ sílé.

Ní ọjọ́ kejì, télọ̀ dé. Ó jókòó sórí àga ọmọdé, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n. Màmá Rúlà ti múra ìjà sílẹ̀, ṣùgbọ́n ìjà kọ́ ló bá wá. Ó kí i dáadáa, ó wá yọ lẹ́tà náà.

"Ọmọ mi kà á fún mi," ló wí. "Ó kà á dáadáa. Ṣùgbọ́n ó mí níbì kan, ó sì fò. Mẹ́jọ, márùn-ún, méjì. Mẹ́ẹ̀ẹ́dógún nìyẹn. Ẹ ní mọ́kànlélógún. Mẹ́fà kan wà níta tí kò nílé. Ẹ bá mi kà á."

Tíṣà gba ìwé náà, ó sì rí ibi tí wọ́n fò. Ọmọ yẹn mọ ohun tó ń ṣe tó fi fò ó. Tó bá kà á, ṣé kò ní dà bí ẹni tú àṣírí ọmọ? Tí kò bá sì kà á, irọ́ ló ń pa fún ọkùnrin yìí. Ó kà á, jẹ́jẹ́, láti ibi mẹ́fà dé ibi tó wọ́.

Télọ̀ tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ méjèèjì sórí orúnkún. Ó ń wo ọwọ́ ara rẹ̀. Ó ní àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Òun rí ibi apá tó wọ́, òun ò sì lè gbà kó jáde bẹ́ẹ̀ láti ilé òun, òun bá tú u, òun tún un rán. Aṣọ ìdánwò náà ńkọ́? Òun ló fi í nu epo ẹ̀rọ. Ní ṣọ́ọ̀bù òun, ohun tó bá bàjẹ́, oníbàárà ò gbọ́dọ̀ rí i. Ohùn rẹ̀ wá yí padà.

"Ó mọ̀ pé èmi ni," ló wí. "Mo ń bú yín, ó ń kọ ọ́. Ó jẹ́ kí n máa bú yín, kí n má baà mọ̀ pé èmi ni."

Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú, kò sì bò ó mọ́lẹ̀. Màmá Rúlà náà wá nǹkan wò lójú fèrèsé. Kí télọ̀ tó lọ, ó bẹ tíṣà pé kó má tíì sọ ohun tí wọ́n jọ sọ fún ọmọ náà.

Wọ́n kó iṣẹ́ àwọn ọmọ pamọ́ títí àwọn olùyẹ̀wò ìta fi wò ó tán, kó tó di pé wọ́n ní kí òbí wá gbà á. Télọ̀ bá ọmọ rẹ̀ wá. Orúkọ ọmọ náà ò sí lára àwọn tó fẹ́ tẹ̀síwájú nínú iṣẹ́ ìránṣọ, tíṣà sì ti wo ìwé orúkọ yẹn títí ó sú u. Ó gbé aṣọ náà lé bàbá lọ́wọ́.

Bàbá ò ká a. Ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì, ó yọ ìtúṣọ kékeré látinú àpò rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ibi apá náà, ojú rírán kan tẹ̀lé òmíràn, òwú rẹ̀ tó dára yẹn ń já sílẹ̀. Ọmọ náà dì í lọ́wọ́ mú.

"Ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, ó ti dára bẹ́ẹ̀."

"Tèmi ló dára," bàbá dáhùn. "Tìẹ ni mo jí. Má bínú sí mi, ọmọ mi."

Ọmọ yẹn fi ọwọ́ bàbá rẹ̀ sílẹ̀. Ó wo tíṣà, ó wo bàbá rẹ̀, omi sì lé ròrò sí i lójú. Nígbà tó ṣe, ó fa àga sídìí ẹ̀rọ, ó wá òwú. Ó ní kí bàbá òun má wo òun. Ọkùnrin náà kọjú sí ògiri bí ọmọ tí wọ́n fìyà jẹ, ó kó ọwọ́ méjèèjì sápò. Ẹ̀rọ bẹ̀rẹ̀, ó dúró, ó tún bẹ̀rẹ̀. Nígbàkigbà tó bá dúró, èjìká télọ̀ á gbọ̀n bí ẹni fẹ́ yíjú, kò sì yíjú.

"Ó wọ́ díẹ̀, Bàbá," ọmọ náà wí.

Bàbá ṣì kọjú sí ògiri. "Jẹ́ ká lọ wọ̀ ọ́ fún Màmá," ló wí. "Kó o sì sọ fún mi ibi tó kù sí."