Ẹni Tó Wà Láàárín Àkàbà

Oòrùn dá ọkọ mi wólẹ̀ lórí àkàbà lọ́jọ́ tí wọ́n ń da dẹ́kìn, ìyẹn àjà kọnkéré, ilé kan ní Olódò.

Ajíbádé lorúkọ rẹ̀. Bíríkìlà ni, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ náà ó ń bá wọn gba páànù kọnkéré, torí Sàníù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló gba iṣẹ́ náà. Ṣe ni wọ́n máa ń tò sórí àkàbà, tí wọ́n á máa gbé páànù lé ara wọn lọ́wọ́ títí yóò fi dé òkè. Ẹni tó wà láàárín kò lè sọ̀ kalẹ̀ àfi tí gbogbo wọn bá dúró. Àárín ni Ajíbádé wà. Èmi ń pọn omi sí ẹ̀rọ tó ń po kọnkéré.

Nígbà tí epo tán nínú ẹ̀rọ, wọ́n sọ̀ kalẹ̀. Ajíbádé jókòó síbòòji. Òógùn bò ó, síbẹ̀ ara rẹ̀ tutù. Ó ní orí ń fọ́ òun, èébì ń gbé òun. Mo fún un lómi, mo fi ìka sí iṣan ọrùn ọwọ́ rẹ̀ bí nọ́ọ̀sì kan tó wá síbi iṣẹ́ wa nígbà kan ṣe kọ́ wa. Nọ́ọ̀sì ní téèyàn bá ti jókòó sinmi, ó yẹ kí iṣan náà rọra máa lù. Tí kò bá rọlẹ̀, kí onítọ̀hún má padà sídìí iṣẹ́. Ti Ajíbádé ń sáré, kò sì lágbára. Wọ́n ra epo dé, wọ́n rọ ọ́ sẹ́rọ, iṣan rẹ̀ ṣì ń sáré.

"Ẹ̀gbọ́n, ọkọ mi ò lè gun àkàbà mọ́ lónìí."

Sàníù rẹ́rìn-ín. "Ìyàwó, ìgbà wo lo di dókítà? Tí dẹ́kìn bá gbẹ ká tó dà á tán, ó máa sán. Ta ló máa dúró fún un? Ìwọ?"

"Èmi ni."

Ni gbogbo wọn bá bú sẹ́rìn-ín. Ẹnì kan ní, "Ajíbádé, wá ro ọbẹ̀ o, ìyàwó ẹ ti gbaṣẹ́!"

Ọkọ mi dìde. "Fi mí sílẹ̀," ó ní. "Iṣẹ́ ẹ̀gbọ́n mi nìyí."

Mo dúró sísàlẹ̀, mò ń wò ó. Ẹni tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ ń na páànù sí i, ẹni tó wà lókè ń nawọ́ gbà á. Kò ráàyè nu ojú. Nígbà tó yá, ó béèrè bóyá òjò ló ń rọ̀. Oòrùn ń jó wa.

Mo pa ẹ̀rọ. Sàníù pariwo mọ́ mi. Kí wọ́n tó gbé páànù sílẹ̀, Ajíbádé jábọ́ lé àwọn tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀ lórí. Ara rẹ̀ gbóná bí iná, kò dá mi mọ̀. A bọ́ ẹ̀wù rẹ̀, a da omi sí i lára, a ń fẹ́ ẹ títí mọ́tò fi gbé wa dé ọsibítù.

Elijah káfíńtà fi pákó kan dá kọnkéré dúró níbi tó dé, kí wọ́n lè da ìyókù mọ́ ọn tó bá yá. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n da ìyókù. Kò sán. Pákó náà ti wà nílẹ̀ látàárọ̀ ọjọ́ tí Ajíbádé jábọ́.

Ajíbádé ò kú. Ọwọ́ rẹ̀ ló ń gbọ̀n. Kò lè to búlọ́ọ̀kù mọ́. Ife omi gan-an, èmi ni mò ń bá a dì í mú.